Ẹ Mú Ọ̀rọ̀ Lọ́wọ́: Bí A Ṣe Ń Pe Ẹ̀ṣẹ̀ Ní Orúkọ Rẹ̀ Nígbà Ààwẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ kan sọ ní Kábà, ní alẹ́ tó ṣáájú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta)

Òkun o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ. Mo dúpẹ́ pé alẹ́ òní lẹ pè mí, kì í ṣe alẹ́ ọ̀la. Tí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ebi á ti dé etí wa, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sì ń sọ níwájú níbí á dà bí ẹni da omi sẹ́yìn igbá. Alẹ́ òní ni a jẹun yó. Ẹ jẹ́ ká fi agbára oúnjẹ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.

Mo ti wo ìwé ètò tí wọ́n pín fún wa. Ọjọ́ kìíní, ìrònúpìwàdà. Ọjọ́ kejì, ìdílé. Ọjọ́ kẹta, ìlọsíwájú. Kókó àdúrà ìrònúpìwàdà jẹ́ mẹ́rin, a ó sì gbà wọ́n tán láàárín ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, kí a tó ṣínu. Mi ò bá ẹni tó kọ ọ́ jà, èmi náà ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ mú kókó kìíní yẹn kúrò lórí ìwé, kí ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ sì fi ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe é, nítorí pé ogún ìṣẹ́jú tó láti sunkún, kò sì tó láti sọ òótọ́.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Ó máa ń ya mí lẹ́nu pé àwa onígbàgbọ́ lè wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, méje, mọ́kànlélógún, kí a dìde, kí á má tíì sọ ohun tí a ṣe. A kàn ń pẹ́ níbẹ̀ ni. Ìwé Hóséà, orí kẹrìnlá, sọ fún Ísírẹ́lì pé tí wọ́n bá ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ Olúwa, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Kò sọ pé kí wọ́n mú màlúù lọ́wọ́, kò sọ pé kí wọ́n mú omijé. Ọ̀rọ̀ ni. Ìwé Léfítíkù sì ti sọ irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́, ní orí karùn-ún, ẹsẹ karùn-ún: ẹni tó bá jẹ̀bi ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tí a kà sílẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé òun ṣẹ̀ nínú *nǹkan náà gan-an*. Ọdọ́ àgùntàn nìkan kò tó. Àlùfáà gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí àgùntàn náà ń kú fún.

Ẹ wo ọmọ onínàákúnàá tí gbogbo wa mọ ìtàn rẹ̀. Ibi tó ti ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ló ti to ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún bàbá rẹ̀ jọ, Lúùkù kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tó dé ilé, ó sọ ọ́ bó ṣe tò ó, àmọ́ bàbá kò jẹ́ kó dé ibi gbólóhùn ìkẹyìn, ibi tó fẹ́ ti ní kí wọ́n ṣe òun bí ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe. Ẹ rí i pé kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn to àdúrà rẹ̀ jọ ṣáájú. Àwọn kan láàárín wa rò pé àdúrà tí a bá kọ sílẹ̀ kò ní ẹ̀mí. Ebi ló kọ́ ọmọ yẹn bó ṣe máa to tirẹ̀ jọ.

Ó dáa. Kí ló máa ń bà àdúrà ìrònúpìwàdà jẹ́? Mo fẹ́ ká fara balẹ̀ níbí, torí pé èdè wa gan-an ló máa ń bò wá mọ́lẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ kékeré kan, *bí*. "Olúwa, bí a bá ti ṣẹ̀ ọ́." Ta ni kò mọ̀ bóyá òun ṣẹ̀? Tí ọmọ rẹ bá fọ́ àwo, tó wá kúnlẹ̀, tó ní "Màámi, bí mo bá fọ́ àwo, ẹ jọ̀ọ́," ẹ ò ní dárí jì í, ẹ ó béèrè pé àwo tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́. Èkejì ni *a*. "A ti ṣẹ̀, a ti ṣìnà." Àdúrà ìjẹ́wọ́ gbogbo ìjọ wà tí a máa ń kà pa pọ̀, ó sì dára ní àyè tirẹ̀, ó tiẹ̀ rántí ohun tó yẹ ká ṣe tí a kò ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ wa máa ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ẹgbẹ̀rún bá ti jẹ̀bi, kò sí ẹni tí wọ́n máa mú. Nínú yàrá rẹ, *mo* ni kí o lò.

Ẹ̀kẹta ló jinlẹ̀ jù. Yorùbá ní ọ̀nà oríṣiríṣi láti sọ ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bíi pé nǹkan míràn ló ṣe é. Ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ọwọ́ mi ṣì í. Ìdánwò dé bá mi. Èṣù ló lò mí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ wo gbogbo wọn dáadáa, ẹsẹ̀, ọwọ́, ìdánwò, èṣù, ọ̀rọ̀: gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́, onítọ̀hún nìkan ló ń jókòó. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà dán gbólóhùn wò ni pé kí n wo ẹni tó ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀. Tí kì í bá ṣe *mo*, mo tún un sọ. "Irọ́ kan wọlé" di "mo purọ́." Ó kúrú, ó sì máa ń dun ni.

Ó kù ọ̀kan tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa yìí. A ti ń tẹ Bíbélì Yorùbá lódidi láti 1884. Nígbà tí míṣọ́nnárì Tommy Titcombe fi máa dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ìwé náà ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógún, Yorùbá inú rẹ̀ sì ni ìhìnrere fi wọ ilé wa. Àwa tí à ń sọ Yàgbà, tí à ń sọ Ọ̀wẹ́, Ìjùmú, Búnú, Ọ̀wọ̀rọ̀, inú Yorùbá ìwé yẹn ni a ti kọ́ àdúrà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, òun ni mo ń sọ fún yín báyìí. Àmọ́ mo ti ṣàkíyèsí ara mi: tí mo bá ń fi Yorùbá ìwé jẹ́wọ́, ẹnu mi máa ń dá gbólóhùn tó ti wà nílẹ̀ mú, àìṣedéédéé, ìrékọjá, ìwà àìmọ́. Ọ̀rọ̀ ńláńlá tó dùn ún gbọ́, tí kò sì tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Tí mo bá wá sọ ọ́ ní èdè tí ìyá mi fi ń bá mi wí ní ilé ìdáná, kò sí gbólóhùn tó ti wà nílẹ̀ fún mi. Mo ní láti sọ ohun tí mo ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá há lẹ́nu, kó gbìyànjú èdè ilé rẹ̀ wò. Ọlọ́run gbọ́ Ọ̀wẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú àpẹẹrẹ kan kí ọ̀rọ̀ má bàa wà lókè. Èmi fúnra mi ni àpẹẹrẹ náà. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ ìyàwó mi kí n tó wá, ó ní kí n ṣáà má kígbe.

Ẹ mọ̀ pé mo ra kajú fún ọdún díẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún títí wọ oṣù karùn-ún, èso kajú ni owó tó ń kọjá lójú ọ̀nà wa yìí, obìnrin ló sì ń ṣà á jù. Wọ́n á gbé e wá nínú àpò, a ó fi kọ́ òṣùwọ̀n tó rọ̀ sórí igi, ọwọ́ òṣùwọ̀n á yí lọ, a ó ka kílò, a ó san owó. Tí kò bá sí nǹkan kan lára òṣùwọ̀n, ojú òdo ló yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró sí. Kóró kékeré kan wà lára rẹ̀ tí a fi ń tún un ṣe tí ó bá kúrò lójú òdo. Ẹnìkan tó ti pẹ́ nínú òwò fi hàn mí pé tí a bá yí kóró yẹn díẹ̀, ọwọ́ náà á dúró sẹ́yìn òdo. Ní ọdún kan, mo yí tèmi sẹ́yìn kílò méjì. Àpò tó bá wọn kílò 40, 38 ló máa pè. Tí ẹnìkan bá rí i kí a tó gbé ẹrù kọ́ ọ, ìdáhùn mi ti wà nílẹ̀: mo ní àpò ni mo ń yọ. Àpò ọ̀rá tí à ń lò kò tó ìdá mẹ́rin kílò.

Ọdún yẹn náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo kọ́ wọn ní Òwe orí kọkànlá, ẹsẹ kìíní, èyí tó sọ pé ìríra ni òṣùwọ̀n èké lójú Olúwa. Wọ́n mọ̀ ọ́n sórí. Èmi náà mọ̀ ọ́n sórí.

Òwò ọdún yẹn parí. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ìjọ pe ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, omi nìkan. Àdúrà tí mo gbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní nìyí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn torí pé inú mi dùn sí i:

"Bàbá mímọ́, Ọba arínúróde, bí a bá ti ṣẹ̀ ọ́ nínú èrò, nínú ọ̀rọ̀ àti nínú ìṣe, dárí jì wá. Ọ̀nà gbogbo tí ọjà ti mú wa ṣe ohun tí kò tọ́, fi ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ̀ wá. Èṣù kò ní rí àyè nínú òwò wa mọ́."

Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn tó. Ẹ wá wò ó. *Bí* wà níbẹ̀, *a* wà níbẹ̀, ọjà ló mú wa ṣe é, èṣù ló ń wá àyè. Kò sí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá gbọ́ àdúrà yẹn kò lè mọ̀ bóyá kajú ni mo tà ni àbí mo pààyàn.

Ọjọ́ kejì ààwẹ̀ ni orí máa ń fọ́ni. Gbogbo ẹni tó ti gbààwẹ̀ rí ló mọ̀ pé ìbínú ọjọ́ kejì yàtọ̀. Mo jágbe mọ́ ọmọ mi nítorí garawa. Mo wá jókòó, ọ̀rọ̀ dídùn sì ti tán lẹ́nu mi, ebi ti gbé e lọ. Àdúrà ọjọ́ kejì nìyí:

"Olúwa, mo dẹ́ṣẹ̀ nínú òwò kajú. Mo yí òṣùwọ̀n. Ìwọ mọ̀ pé gbogbo àwọn tó ń rà ló ń ṣe é, àti pé iye tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ mi kò jẹ́ kí èrè wà. Ìwọ mọ̀ pé kajú míràn máa ń tutù, ó sì máa ń fúyẹ́ tó bá gbẹ. Dárí jì mí."

Ó ti sàn. *Mo* ti dé, òṣùwọ̀n ti dé. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn rẹ̀: méjì ni ìjẹ́wọ́, méjì tó gùn jù wọ́n lọ ni àwíjàre. Sọ́ọ̀lù ni mo jọ níbẹ̀. Ẹ padà ka 1 Sámúẹ́lì orí kẹẹ̀ẹ́dógún lọ́la, nígbà tí ebi bá ń pa yín. Ọlọ́run ní kí Sọ́ọ̀lù má dá ẹran ọ̀sìn Ámálékì kankan sí. Sámúẹ́lì dé, ó gbọ́ igbe àgùntàn. Sọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ní òun ti ṣe ohun tí Olúwa sọ. Lẹ́yìn náà ó ní àwọn ènìyàn ló dá ẹran sí, wọ́n sì fẹ́ fi rúbọ ni. Ìgbà tí kò sí ọ̀nà mọ́ ló tó sọ pé òun ti ṣẹ̀, kíá ló sì fi ìdí rẹ̀ tì í lẹ́yìn: ẹ̀rù àwọn ènìyàn ló ba òun. Lẹ́yìn èyí, ó tún ní òun ti ṣẹ̀, ó sì ní kí Sámúẹ́lì jọ̀ọ́ bu ọlá fún òun níwájú àwọn àgbààgbà. Ọ̀rọ̀ tí Dáfídì sọ fún Nátánì kò ju "mo ti ṣẹ̀ sí Olúwa" lọ, kò sì fi nǹkan kan tì í. Àwọn ọba méjèèjì sọ "mo ti ṣẹ̀." Ohun tó tẹ̀lé e ni kẹ́ ẹ máa wò.

Àmọ́ ọ̀ràn kajú tó tutù yẹn ṣòro díẹ̀, mi ò fẹ́ fò ó. Òótọ́ ni pé kajú tutù máa ń fúyẹ́ tó bá gbẹ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, olùrà tó bá yọ díẹ̀ kúrò, tó sì sọ fún ẹni tó ń tà, kò jalè. Èmi náà ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ bíi mélòó kan. Ṣé kí n jẹ́wọ́ ìyẹn náà? Rárá. Àwọn kan máa ń rò pé bí ìjẹ́wọ́ bá ṣe wúwo tó ló ṣe máa jẹ́ òótọ́ tó, wọ́n á wá máa pe ara wọn ní ẹlẹ́ṣẹ̀ tó burú jù láyé. Pọ́ọ̀lù pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún Tímótì, ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe: ó ní asọ̀rọ̀-òdì lòun, ó ní onínúnibíni lòun. Ẹni tó ní òun ṣe gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ kò tíì dárúkọ ọ̀kan. Kajú tutù kò sí nínú ẹ̀ṣẹ̀ mi, ohun tó wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo fi kajú tutù bo kajú gbígbẹ mọ́lẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ṣínu, mo gbé ìwé òwò mi jáde. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Àwọn obìnrin mẹ́ta ló ń gbé ọjà wá fún mi déédéé ní gbogbo àkókò yẹn, mo sì máa ń kọ orúkọ àti kílò sílẹ̀. Mo kà á: ìgbà 40 ni mo wọn ọjà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn tí mo yí kóró yẹn. Kílò méjì ní ìgbà 40, kílò 80. Mo ń san ₦500 lórí kílò kan, nítorí náà ₦40,000 ni. Mo jókòó, mo wo iye náà. Mo ti ń sọ fún ara mi pé nǹkan kékeré ni, kílò méjì péré. Ní òru yẹn ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ iye owó fún yín ni èyí. Nígbà tí Ákánì jẹ́wọ́ níwájú Jóṣúà, ó ka ohun tó kó: ẹ̀wù Bábílónì dáradára kan, igba ṣékélì fàdákà, dindi wúrà tó wọn àádọ́ta ṣékélì, ó sì sọ ibi tó rì wọ́n mọ́, nínú ilẹ̀ láàárín àgọ́ rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ tó péye jù ní ibi tí mo mọ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì sọ ọ́ lókùúta. Mi ò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ìyẹn kó rọ̀ fún yín. Ẹni tó bá ń sọ òótọ́ kí ìyà má bàa jẹ ẹ́, ọjà ló ń ná.

Àdúrà ọjọ́ kẹta nìyí. Mo gbà á ní èdè ilé, mo wá tún un kọ ní Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́:

"Olúwa, láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, mo yí òṣùwọ̀n mi sẹ́yìn kílò méjì. Èmi ni mo yí i. Mo mọ̀ pé olè ni mo ń jà. Tí wọ́n bá béèrè, mo purọ́ pé àpò ni mo ń yọ. Mo jí kílò 80 lọ́wọ́ àwọn obìnrin mẹ́ta tí o mọ orúkọ wọn, mo sì jí i lọ́wọ́ àwọn míràn tí mi ò mọ orúkọ wọn tàbí iye wọn. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ rẹ, òṣùwọ̀n yẹn sì rọ̀ sórí igi níta. Ìwọ ni mo ṣẹ̀, àwọn ni mo jà lólè. Dárí jì mí nítorí Jésù. Owó wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kí ọjọ́ Sátidé tó kọjá, màá gbé e lọ fún wọn. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ràn mí lọ́wọ́ kí n má yí ẹsẹ̀ padà lójú ọ̀nà."

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ oyè tí mo fi ń pe Ọlọ́run ti dín kù, torí pé mi ò fi dá àkókò dúró mọ́. Ìgbà wà níbẹ̀, iye wà níbẹ̀, irọ́ tí mo fi bò ó wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni. Ibi tí mi ò ti mọ iye, mo sọ pé mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́ mi kò sí níbẹ̀, èyí jẹ́ tirẹ̀ láti jẹ́wọ́. Ọjọ́ wà lórí ìlérí náà. Ẹ ṣọ́ra fún "èmi kò ní ṣe é mọ́ láéláé," ebi ló máa ń sọ ọ́. Ẹ fi ohun kan tí ọwọ́ yín tó rọ́pò rẹ̀, àti ọjọ́ tó máa parí.

Ní ti iye tí a ó san, òfin wà. Léfítíkù orí kẹfà àti Nọ́ńbà orí karùn-ún ní kí ẹni tó gba tẹni dá gbogbo rẹ̀ padà, kó sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ kún un. Ìdá márùn-ún ₦40,000 jẹ́ ₦8,000, àpapọ̀ ₦48,000. Sákéù sọ pé ìlọ́po mẹ́rin lòun máa san, ó jẹ́ ti Sákéù. Nọ́ńbà tún sọ ti ẹni tí kò sí mọ́, tí kò sì ní ìbátan tí a lè san án fún: kó jẹ́ ti Olúwa, kí wọ́n fún àlùfáà. Owó àwọn tí mi ò mọ̀, mo fojú bù ú, mo fi í sínú àpótí àwọn aláìní, láìkọ orúkọ sí i.

Ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé kà ńkọ́? Ẹni tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn, tí kò kí i láti ìgbà ìsìnkú? Kò sí kílò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ wà, ibi kan wà, ọ̀rọ̀ kan wà tó sọ. "Mo ní ìkórìíra lọ́kàn" kò tíì tó nǹkan. "Mo rí i lọ́jà, mo gba ọ̀nà míràn kí n má bàa kí i" ni ó ń tó.

Ẹ jẹ́ kí n yára kan ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn yìí kí àkókò tó lọ. Lọ́la, aṣáájú àdúrà á ní kí a gbé ohùn sókè. Ẹ gbé e sókè. Ṣùgbọ́n irú àdúrà tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ti ibẹ̀, torí pé nínú ariwo, gbogbo wa ló máa padà sí "dárí jì mí, dárí jì mí." Ilé ni kí ẹ ti gbà á, ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni kí ìjẹ́wọ́ fẹ̀ mọ. Ẹni tó jí owó ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ni kó sọ ọ́ fún. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kan ìgbéyàwó, tàbí tó kan ẹlòmíràn tí kò sí níbí láti sọ tẹnu rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ti rí ibi tí ìjẹ́wọ́ ẹnìkan ti tú ilé ẹlòmíràn ká, tí ẹni tó jẹ́wọ́ sì lọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọgbẹ́ inú tàbí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà, tí ẹ ń lo oògùn, ẹ má gbààwẹ̀ láìbá dókítà yín sọ̀rọ̀. Ìkúnlẹ̀ yín kò dín kù torí pé ẹ jẹun ní ọ̀sán.

Mo ní kí n parí ìtàn mi. Mo lọ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo san án fún ọmọ rẹ̀, ó gbà á, kò sọ̀rọ̀. Ìkejì rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ tipẹ́, pé ta ni kò mọ̀, pé ọ̀dọ̀ ta ni òun ì bá lọ. Ìdáhùn yẹn burú fún mi ju èébú lọ.

Ìkẹta jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń gé ewé fún ọbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún Ọlọ́run: oṣù, kílò, irọ́ àpò. Mo na owó sí i. Ó fi ọwọ́ nu ara aṣọ rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà. Ó wá wò mí.

Ó ní, "Owó ti pé. Ọjọ́ tí mo bi ọ́ léèrè nípa òṣùwọ̀n, tí o pariwo mọ́ mi lójú àwọn ọmọ mi, tí o ní tí mi ò bá fẹ́, kí n gbé ẹrù mi lọ ibòmíràn, èló lo ka ìyẹn sí?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mi ò tiẹ̀ rántí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀, mo kọ àdúrà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ṣírò owó dé ìdá márùn-ún, ìyẹn kò sì wá sí ọkàn mi rárá. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, lójú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti jáde wá gbọ́. Ààwẹ̀ ti parí láti ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, mo ti jẹ iyán lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo padà sílé, mo ṣí ìwé mi, mo kọ gbólóhùn kan kún àdúrà ọjọ́ kẹta, mo sì kúnlẹ̀ gbà á látìbẹ̀rẹ̀.